Ojú Tó Ń Bá Oòrùn Wọ̀

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọmọ lè fọ́ àwo, ó lè yọ ẹran jẹ nínú ìkòkò, wọ́n á nà án, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kì í kí àgbà, ẹjọ́ rẹ̀ kì í tán. Orúkọ rere ni mo ní títí mo fi wọ iléèwé girama. Mo máa ń kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún mi méjèèjì á kanlẹ̀, kì í ṣe ìkúnlẹ̀ àwọn ọmọ ìwòyí tó dà bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àwọn àgbà àdúgbò ti fohùn ṣọ̀kan pé ìgbéraga ti wọ̀ mí lẹ́wù. Ohun tó ń rú wọn lójú ni pé ìgbéraga náà ní àkókò tirẹ̀. Láàárọ̀, ọmọ dáadáa ni mí. Lọ́sàn-án, ọmọ dáadáa ni mí. Kí oòrùn ṣáà ti wọ̀, màá gba iwájú àwọn tó ju ìyá mi lọ kọjá bí ẹni tó ń kọjá níwájú òpó iná.

Èmi fúnra mi ò mọ̀ pé mi ò ríran. Ìyẹn ló máa ń ṣòro fún àwọn èèyàn láti gbà gbọ́. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú fún mi ni mo rò pé ó ń ṣú fún gbogbo ayé. Mo rò pé àwọn ọmọ yòókù tó ń sáré káàkiri ní ìrọ̀lẹ́ kàn láyà jù mí lọ ni.

Ìyá kan wà tó ń ta èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ó sì ti fẹjọ́ mi sun ìyá mi. Mo wá pinnu pé màá tún ìwà mi ṣe. Bí mo ṣe ń bọ̀ láti kíláàsì lẹ́sìn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ níbi tí ìyá náà máa ń jókòó sí. Mo rí ohun kan tó sanra, tó fi aṣọ bo orí. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ kú ọjà, ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa. Kò dá mi lóhùn. Mo tún un kí, mo fi ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ kún un. Ìgbà yẹn ni ohùn ìyá náà wá láti ẹ̀gbẹ́ kejì.

“Àpò èédú lò ń kí yẹn. Ó ní kí n bá òun sọ fún ẹ pé òun ti gbọ́.”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ̀sùn mi ti di méjì. Yàtọ̀ sí pé mi ò kí àgbà, wọ́n ní mo tún ń fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, pé mo fi arúgbó wé èédú.

Káfíńtà ni bàbá mi, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, ìjọ Aládùúrà ni wọ́n sì ń lọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi, inú ilé onítẹ̀bọmi paraku ni wọ́n bí wọn sí, aṣọ òkè ni wọ́n sì ń tà. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjì, èmi, àti àbúrò mi obìnrin tí mo fi ọdún méjì jù. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti sọ mí lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe mí. Adìẹ ni wọ́n ń pè mí, torí pé tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, màá ti wọlé, màá wá ibì kan jókòó sí, mi ò sì ní dìde mọ́.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, kò síná. Ìyá mi ní kí èmi àti àbúrò mi lọ pe bàbá wa wá jẹun ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jìnnà, ilé bíi mẹ́fà ló wà láàárín. Mo di àbúrò mi lọ́wọ́ mú ṣinṣin. Ó jọ pé mò ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ibẹ̀ ni pé òun ni mo gbójú lé. Mo rò pé ojú tirẹ̀ dáa. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ó ti tó bí oṣù díẹ̀ tí òun náà ti ń gbójú lé mi. Ó ní èmi ni ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́dọ̀ mọ ibi tí mò ń lọ. Báyìí ni mo ń tẹ̀ lé e, tí òun náà ń tẹ̀ lé mi.

Aládùúgbò wa kan ṣẹ̀ṣẹ̀ da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ títí dé etí ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bíríkìlà ti yọ́ ọ, ó ti dán an bíi dígí, ó ti lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Mo ṣáà rí i pé ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ní àbí òjò rọ̀ ni. Àbúrò mi ní bóyá. A tún rìn síwájú díẹ̀. Nígbà tó wá ń mu wá dé ọrùn ẹsẹ̀, a yí padà, a wá ọ̀nà àbájáde lọ sí ọ̀tún, a wá a lọ sí òsì, àbúrò mi sì fi ìdí jókòó sínú rẹ̀. Bíríkìlà tan tọ́ọ̀ṣì sí wa. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì bàbá mi ló wà, kò sì lè ṣépè. Ó kàn ń pe Jésù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn tí èèyàn fi ń gbàdúrà ló fi ń pè é.

Nígbà tí wọ́n fi omi ṣan ẹsẹ̀ wa tán nílé, ìyá mi bi wá léèrè ẹni tó síwájú nínú wa. Mo nàka sí àbúrò mi. Àbúrò mi nàka sí mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, “Ìwọ, ṣé o ò rí sìmẹ́ńtì yẹn ni?”

Mo ní, “Mo rò pé òun ń rí i.”

Wọ́n yíjú sí àbúrò mi. “Ìwọ ńkọ́?”

Ó ní, “Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ń rí i.”

Ìyá mi gbé àtùpà lọ sí kọ̀rọ̀ yàrá, wọ́n rọra fi ṣíbí kan sílẹ̀ nítòsí wa, wọ́n ní ká mú un. Gbogbo ilé ń wò ó. Àwa méjèèjì ń tú ilẹ̀ káàkiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ẹ̀rín bàbá mi dúró.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi kọ́kọ́ kó wa lọ. Wòlíì wa jẹ́ bàbá àgbà kan tó ti wa ọkọ̀ ẹrù láyé ìgbà kan kó tó gba ìpè. Wọ́n gbàdúrà fún wa, wọ́n fi omi ìyàsímímọ́ wẹ ojú wa, wọ́n fún wa ní àbẹ́là dání. Àbẹ́là àbúrò mi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kú, ó sì ń wá a, bẹ́ẹ̀ ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Mo gbọ́ pé wòlíì dúró, wọ́n ń wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n pe bàbá mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń wakọ̀, ọmọ ọkọ̀ kan wà lọ́dọ̀ àwọn tí kì í ríran lálẹ́, pé àwọn èèyàn na ọmọ yẹn títí nítorí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n ní àdúrà á máa lọ, kí àwa náà máa lọ sí ọsibítù.

Kí a tó dé ọsibítù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ńlá gba ìtọ́jú wa ṣe. Wọ́n ti gbọ́ lórí rédíò pé kárọ́ọ̀tì dára fún ojú. Wọ́n ń fún wa ní kárọ́ọ̀tì láàárọ̀, kárọ́ọ̀tì lọ́sàn-án, ẹ̀dọ̀ màlúù lálẹ́ pẹ̀lú epo pupa. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń jowú ẹ̀dọ̀, wọn ò jowú kárọ́ọ̀tì. Ká tó wí ká tó fọ̀, àtẹ́lẹwọ́ àwa méjèèjì pọ́n bí ọsàn. Àlejò kan wọlé, ó wò wá, ó ní àwọn ọmọ yìí ti ní ibà pọ́njú. Ìyá Ńlá dáhùn pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ ṣú ní ọjọ́ yẹn, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ pupa náà gbá ògiri.

Bàbá tó bí ìyá mi ló ṣètò ọsibítù ojú fún wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, díákónì sì ni wọ́n. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé oògùn tí àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà kò bá fọwọ́ kàn, ìtàn lásán ni.

Obìnrin ni dókítà tó rí wa, ohùn rẹ̀ tutù. Ó kán oògùn sí wa lójú títí gbogbo ayé fi funfun, ó de iná mọ́ iwájú orí rẹ̀, ó sì ń wo inú ẹyinjú wa bí ẹni ń yọjú wo inú kànga. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé mi síwájú ẹ̀rọ kan. Mo gbé àgbọ̀n mi lé e, wọ́n fún mi ní bọ́tìnnì kan, wọ́n ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ nígbàkígbà tí mo bá rí iná kékeré, ṣùgbọ́n kí n má gbójú kúrò láàárín. Mo rí iná díẹ̀ láàárín, mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Mo jókòó, mò ń dúró. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́. Ó ní rárá, iná ń tàn. Mo tún dúró. Nígbà tó yá, ó ní kí n dìde, ó ti parí. Mo ní ṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?

Dókítà sọ orúkọ àìsàn náà, rẹtináítíìsì pìgìmẹntósà, ó sì ní ká má fi orúkọ yẹn pa ara wa, àwọn náà RP ni wọ́n ń pè é. Ó ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Àwọn ohun tíntìntín inú rẹ̀ tó ń jẹ́ ká ríran lálẹ́ ló ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú ojú wa, àwọn àmì dúdú bí ẹsẹ̀ èèrà sì ti wà níbẹ̀. Ó ní ìdílé la ti máa ń rí i. Ó wá wo ojú bàbá mi àti ti ìyá mi náà, ojú wọn mọ́ tónítóní. Ó ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí a mú àgbà kan tàbí méjì tó mọ ìtàn ìdílé dáadáa dání.

Ọ̀rọ̀ yẹn, ìdílé, ló fa wàhálà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ìdílé méjèèjì ti ṣèpàdé. Ní Ọ̀yọ́, Ìyá Ńlá kó àwọn ẹbí jọ, wọ́n sì fẹnu kò pé nǹkan burúkú yìí kò wá láti ọ̀dọ̀ àwọn. Wọ́n ní bàbá àwọn fi ojú kan ṣoṣo yìnbọn pa àgbọ̀nrín lóru, pé ìdí tó fi jẹ́ ojú kan ni pé wọ́n dijú kejì kí wọ́n lè fojú sùn ún dáadáa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá ìyá mi ní ìyá àwọn ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ títí ọjọ́ ikú. Nígbà tí bọ́ọ̀sì máa fi kó wa dé ọsibítù, àgbà kan tàbí méjì tí dókítà ní ká mú wá ti di ènìyàn mẹ́sàn-án. Dókítà wò wá, ó ní kí nọ́ọ̀sì lọ wá bẹ́ǹṣì wá.

Ó jẹ́ kí wọ́n ro tẹnu wọn tán. Ìyá Ńlá sọ ti àgbọ̀nrín. Bàbá ìyá mi sọ ti abẹ́rẹ́. Dókítà ń fi bírò ya róbótó fún obìnrin, ó ń ya igun mẹ́rin fún ọkùnrin. Ó bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni wà tí kì í jáde tí ilẹ̀ bá ṣú, bóyá bàbá àti ìyá mi bá ara wọn tan. Wọ́n ní rárá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó wá fi bírò sílẹ̀.

“Ohun kan wà nínú ara tí wọ́n ń pè ní jíìnì, òun ló ń sọ fún ojú bó ṣe máa ṣiṣẹ́. Méjì-méjì la ní in, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ fi wé kọ́kọ́rọ́ méjì fún ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Tí ọ̀kan bá tẹ̀, èkejì á ṣílẹ̀kùn, onílé ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ọ̀kan ò dáa. Bàbá àwọn ọmọ yìí ní kọ́kọ́rọ́ kan tó tẹ̀. Ìyá wọn náà ní ọ̀kan. Àwọn ọmọ méjì yìí ló ṣe kòńgẹ́ èyí tó tẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.”

Ìyá Ńlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ṣé tiwọn wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀, mà.”

“Tiwa náà wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Èwo ló pọ̀ jù?”

“Dọ́gba-dọ́gba ni, mà.”

Bàbá ìyá mi bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo rò pé inú Ìyá Ńlá ì bá dùn jù tí tiwa bá fi díẹ̀ kéré sí tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n gba ọ̀mì.

Dókítà ní kì í ṣe gbogbo ìdílé ló ń gba ọ̀nà yìí. Nínú àwọn ìdílé mìíràn, bàbá tàbí ìyá tó ní i ló ń fún ọmọ, kọ́kọ́rọ́ kan tó tẹ̀ ti tó. Nínú àwọn kan, ọ̀dọ̀ ìyá ló ń gbà, àwọn ọmọkùnrin ló sì sábà máa ń mú lọ́nà tó le. Ó ní nítorí pé ojú òbí wa mọ́, tó sì jẹ́ àwa obìnrin méjì ló mú, ọ̀nà tọ̀túntòsì yìí lòun gbà pé ó jẹ́, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò jíìnì nìkan ló lè fọwọ́ sọ̀yà, wọn ò sì í ṣe é níbí. Ó ní fún irú bàbá àti ìyá bẹ́ẹ̀, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà máa ní i.

Ìyá Ńlá ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, ọ̀kan ló yẹ kó mú, méjì ló mú, a jẹ́ pé wọ́n ti gba ẹyọ kan sílẹ̀, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ á bọ́. Dókítà ní rárá, oyún kì í rántí oyún tó ṣáájú, ọ̀tun ni gbogbo wọn. Ìyá mi tètè dáhùn pé kò sí oyún kankan tó ń bọ̀, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Wọ́n yẹ ojú àwọn ẹ̀gbọ́n mi wò, ó dáa. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ kan tó tẹ̀ lápò, kò sì ní dí wọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò pè mí ní adìẹ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni bàbá ìyá mi béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo èèyàn. Wọ́n ní ìgbà wo ni àwọn ọmọ náà máa fọ́jú. Àwa méjèèjì ni dókítà kọjú sí láti dáhùn.

“Tí mo bá dá ọdún fún yín, irọ́ ni mo pa. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, ó sì lè gbà tó ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti alẹ́ ló kọ́kọ́ ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ á máa fún mọ́ra, bí ẹni ń wo nǹkan látinú páìpù. Àárín ló sábà máa ń pẹ́ jù. Àwọn kan ṣì ń kàwé ní àádọ́ta ọdún. Ti àwọn mìíràn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàwé yín. Ẹ yan iṣẹ́ tí kò ní í béèrè wíwakọ̀. Ẹ máa wá lọ́dọọdún, torí ojú yín tún lè ní èbìbì tàbí kí àárín rẹ̀ wú, àwọn ìyẹn ní ìtọ́jú.”

Ó ní kò tíì sí oògùn tó ń dá RP fúnra rẹ̀ dúró. Ó ní wọ́n ti ní ìtọ́jú kan lókè òkun fún ẹ̀yà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, àwọn tó ní ẹ̀yà yẹn ò sì pọ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa tà á fún wa nínú ìgò, ká sá. Ó wá wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní kárọ́ọ̀tì ò burú, oúnjẹ gidi ni, àìríran alẹ́ tí àìjẹunre fà ni irú rẹ̀ ń wò, tiwa kọ́. Gbogbo èèyàn yíjú sí Ìyá Ńlá. Wọ́n ní èyí tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà láàárọ̀ yìí ńkọ́, ta ló máa jẹ ẹ́?

Nínú bọ́ọ̀sì, mo sunkún díẹ̀, mo sì kọjú sí fèrèsé kí wọ́n má baà rí mi. Àbúrò mi fọwọ́ kàn mí. Ó ní, “Ta lá máa síwájú báyìí?” Mo bú sẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. A fẹnu kò pé tọ́ọ̀ṣì ló máa síwájú.

Bàbá mi kan igi ìdìmú mọ́ ògiri láti yàrá wa dé ilé ìwẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà funfun kun etí gbogbo àtẹ̀gùn, wọ́n sì pàṣẹ pé ẹni tó bá sún àga kúrò níbi tó wà láìdá a padà, òun ló máa fọ abọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá mi sì lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń ṣàlàyé pé kì í ṣe ìgbéraga. Àwọn àgbà káàánú wa, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ náà kanrí ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ariwo ni wọ́n á máa pa láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tí ojú àti etí wa ti di jọ. “Èmi ni o! Èmi ìyá eléèédú! Apá òsì rẹ ni mò ń gbà bọ̀!” Màá kúnlẹ̀ kí wọn ní apá òsì, àánú mi á sì tún ṣe wọ́n.

Mo wọ yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Under G ni mò ń gbé. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni mo kà. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ń fẹ́ mọ̀ mí. Ó sọ fún mi nígbà tó yá pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun na ọwọ́ sí mi láti kí mi, tí mo kàn ń wo òun lójú, tí mò ń rẹ́rìn-ín, tí mi ò sì gbà á. Ó ní òun ò rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní ọwọ́ náà ti wà nísàlẹ̀ jù, mi ò rí i. Ó rò pé àwàdà ni.

Mo rí i pé ó yẹ kí n sọ fún un kí ọ̀rọ̀ wa tó jinlẹ̀. Ó pè mí lọ jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní ibi tí obìnrin kan ti ń ta ìrẹsì àti ẹyin. A jẹun tán, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ọ̀rọ̀ jọ ni iná lọ. Ó ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ni pé òun ń gbọ́. Ó ti lọ wá iná wá. Mo dúpẹ́ nínú mi pé òkùnkùn wà, kò ní rí ojú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ ti sìmẹ́ńtì, mo sọ ti kárọ́ọ̀tì, mo ṣàlàyé kọ́kọ́rọ́ méjì. Mo ní tí ẹni tí mo bá fẹ́ kò bá ní kọ́kọ́rọ́ tó tẹ̀ bíi tèmi, kò sí ọmọ wa tí RP máa mú, ṣùgbọ́n gbogbo wọn á gba ẹyọ kan lọ́wọ́ mi. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ń dáhùn pé “ẹ̀n-ẹ́n,” “ẹ pẹ̀lẹ́,” “Ọlọ́run á ṣe é.” Mo ní ọmọkùnrin yìí mà níwà o, ó sì ń fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tó padà dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, obìnrin tó ń tajà ló jókòó síwájú mi, ó gbé abọ́ lé itan. Ó dìde fún un.

Ó ní, “Bùọ̀dá, àǹtí ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ojú yín, kí ẹ sì fẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ wọn ò ṣòro.”

Ọmọkùnrin náà fẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ béèrè ohun tí ìyá ọkọ yẹ kó béèrè, bóyá ó máa mú àwọn ọmọ wa. A mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà wa, ó sọ fún wọn pé a ò bá ara wa tan, pé kò dájú tán, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí àjèjì méjì ní kọ́kọ́rọ́ kan náà tó tẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wa ránṣẹ́ sókè òkun. Èsì tó dé bá ọ̀rọ̀ dókítà mu, wọn ò sì rí i lára ọkọ mi. Jíìnì tèmi kì í ṣe èyí tí wọ́n ní ìtọ́jú fún. Mo ti mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mi ò lè jẹun dáadáa ní ọjọ́ yẹn. Ọmọ méjì la bí, wọ́n ń ríran lálẹ́ débi pé kò sí ibi tí mo lè tọ́jú ẹran sí.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Mò ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ọ̀sán ni mò ń ṣe é, mo sì lè ka ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ti fún mọ́ra gan-an. Ti àbúrò mi tètè ń bàjẹ́ ju tèmi lọ, bẹ́ẹ̀ jíìnì kan náà ni. Télọ̀ ni ní Ọ̀yọ́. Kò lè gé aṣọ mọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń gé e, òun ń fọwọ́ wo ojú ìránṣọ, wọ́n sì ní ọwọ́ rẹ̀ burú ju ojú lọ, kò sí àṣìṣe tí kì í mú. Ọdún tó kọjá ni àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀pá funfun. Ìtìjú mú wa díẹ̀. Nígbà tí mo wá rí i pé agbárí mi kò gbá òpó fún odindi oṣù kan, ìtìjú náà lọ.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ ra àlùbọ́sà ní Sábó ní ọ̀sán gangan, ọ̀pá wà lọ́wọ́ mi. Bàbá Hausa kan dá mi dúró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi kúlíkúlí tí wọ́n fi bébà wé sí mi lọ́wọ́, ó ní sàráà ni. Mo dúpẹ́. Ìpè ọkọ mi wọlé, mo mú fóònù jáde, mo wo ojú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá náà ti kàwọ́ mọ́ àyà.

Ó ní, “Ò ń ríran.”

Mo ní, “Mò ń ríran díẹ̀, bàbá.” Mo ká ọwọ́ mi bíi páìpù, mo fi sí ojú. “Bí ẹni ń wò látinú èyí. Mo rí imú yín, mo rí ẹnu yín. Mi ò rí etí yín.”

Ó ronú sí i. Ó fi ọwọ́ kan etí rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ó wá yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó mú etí ọ̀tún wá síwájú mi.

“Èyí ńkọ́?”

“Mo ti rí i báyìí.”

Ó yí ti òsì sí mi, mo ní mo rí ìyẹn náà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní kí n máa mú kúlíkúlí mi lọ, ó sì pe ẹnì kejì rẹ̀ tó ń ta àlùbọ́sà kó wá fi etí tirẹ̀ hàn mí.